Ẹ dá fọ́ọ̀mù PHQ-9 lédè Yorùbá dúró ná: lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí i

Sí Alága àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí ìtumọ̀ Yorùbá ìwé ìbéèrè PHQ-9 fún ìlò ní àwọn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. A kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ògbufọ̀, nọ́ọ̀sì àti oníṣègùn ọpọlọ ni àwa tí a pawọ́ pọ̀ kọ lẹ́tà yìí, Yorùbá sì ni a fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Nínú ìkéde yín, ẹ ní ìtumọ̀ náà ti yege, nítorí pé nígbà tí ẹ ní kí wọ́n dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì, ó bá Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ mu nínú ìbéèrè mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ìdí kan ṣoṣo tí ẹ fún aráàlú nìyẹn. A ka fọ́ọ̀mù náà láti òkè délẹ̀, a sì rí i pé ìdí náà kò lè gbé ohun tí ẹ gbé lé e.

Fún àwọn tó ń bá wa ka lẹ́tà yìí: ìwé ìbéèrè tí wọ́n fi ń ṣàwárí ẹni tó ṣeé ṣe kí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti di àìsàn sí lára ni PHQ-9. Kurt Kroenke, Robert Spitzer àti Janet Williams ló gbé e jáde ní 2001. Ìbéèrè mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn dá lórí ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Ìdáhùn mẹ́rin ni èèyàn lè mú nínú rẹ̀ fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, máàkì wọn sì jẹ́ 0, 1, 2 àti 3, nítorí náà àpapọ̀ kò lè ju 27 lọ. Ẹni tí tirẹ̀ bá dé 10 ni wọ́n sábà máa ń fà lé oníṣègùn lọ́wọ́ fún àyẹ̀wò tó jinlẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ ìwé yìí rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Kò gba ẹ̀jẹ̀, kò gba ìtọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti yẹ̀, àyẹ̀wò ti yẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀sùn wa nìwọ̀nyí.

1. Ọ̀rọ̀ "rárá" tó wà lórí fọ́ọ̀mù yín ń yí ìdáhùn po

Ẹ wo ìbéèrè kìíní bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́: "Kò wù mí láti ṣe nǹkan kan." Àpótí mẹ́rin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tí ẹ kọ sórí èyí àkọ́kọ́ ni "Rárá", máàkì rẹ̀ sì jẹ́ 0. Lọ́kàn àwọn tó ṣe ìwé náà lédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá mú àpótí yẹn ń sọ pé ìṣòro náà kò yọ òun lẹ́nu lọ́jọ́ kankan.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì ni "rárá" ń ṣe lẹ́nu wa. Ó máa ń kọ ohun tí wọ́n bi wá, ó sì tún máa ń tẹ̀ lé "kò" láti mú kí ó le sí i. Ẹni tó bá ka ìbéèrè yín, tó wá sún ojú lọ sí àpótí, gbólóhùn tó gún régé ló máa rí: "Kò wù mí láti ṣe nǹkan kan rárá." Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò rí àbùkù nínú gbólóhùn yẹn. Ẹni tí ohun gbogbo ti sú pátápátá ló sì bá mu jùlọ. Òun gan-an ló máa fa igi síbẹ̀, ẹ ó wá fún un ní 0 níbi tí 3 tọ́ sí i.

Bí wọ́n bá ń ka ìbéèrè náà fún ẹni tí kò mọ̀wé, ọ̀rọ̀ tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì kò lè máa sọ pé "kò wù mí" fún aláìsàn, torí yóò dà bí ẹni ń ròyìn ara rẹ̀. Nítorí náà yóò yí i sí "Ṣé kò wù yín láti ṣe nǹkan kan?" Ìyá tó jókòó síwájú rẹ̀ a ní, "Rárá o." Kí ni ìyá náà sọ? Ó lè jẹ́ "Rárá o, kò wù mí." Ó lè jẹ́ "Rárá o, ó ń wù mí." Yorùbá gidi ni méjèèjì. Bó bá sì jẹ́ "Bẹ́ẹ̀ ni" ló sọ, ohun tó ń sọ ni pé òótọ́ ni, kò wu òun. Nọ́ọ̀sì tí èrò pọ̀ níwájú rẹ̀ kò ní dúró tú ọ̀rọ̀ yìí. Yóò wo fọ́ọ̀mù, yóò rí "Rárá", yóò sì fàlà sí i.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe ìṣirò. Ká ní obìnrin kan wà tí ìdáhùn rẹ̀ tòótọ́, láti orí ìbéèrè kìíní dé ìkẹsàn-án, jẹ́ 3, 2, 2, 2, 1, 1, 1, 0 àti 0. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 12. Ó ti kọjá 10, ó yẹ kó rí oníṣègùn. Bí "rárá" bá yí ìbéèrè kìíní nìkan po, 12 di 9, wọ́n á ní kó máa lọ sílé. Ìbéèrè kẹta, èyí tó dá lórí oorun, náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "mi ò" lórí fọ́ọ̀mù yín. Bí òun náà bá yí, àpapọ̀ di 7.

Ohun tó tún bani lọ́kàn jẹ́ ni pé àwọn ilé ìwòsàn tí èrò pọ̀ sí kì í bi èèyàn ní gbogbo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbéèrè méjì àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń ya àwọn èèyàn sọ́tọ̀, tí àpapọ̀ méjèèjì bá sì dé 3 ni wọ́n ń tẹ̀ síwájú. Obìnrin àpẹẹrẹ wa yìí ní 5 nínú méjèèjì. Lórí fọ́ọ̀mù yín, 0 àti 2 ni wọn yóò kọ. Wọn kò tilẹ̀ ní bi í ní ìbéèrè kẹta.

Ẹ lè yẹ èyí wò lónìí nínú àwọn fọ́ọ̀mù tí ẹ ti gbà padà, láìjẹ́ pé ẹ ná kọ́bọ̀. Ẹ ṣa àwọn tó ní 2 tàbí 3 nínú ìbéèrè kejì àti ìkẹrin sọ́tọ̀. Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ní nínú ìbéèrè kìíní. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì, tí okun sì ti tán nínú rẹ̀, nǹkan kì í sábà máa dùn mọ́ ọn lójoojúmọ́. Bí 0 bá pọ̀ jù láàrin wọn, fọ́ọ̀mù ló ṣi wọ́n lọ́nà. Ẹ tún wo bí ìbéèrè kìíní ṣe ń bá àpapọ̀ mẹ́jọ tó kù rìn: bí èyí bá ń lọ sókè tí èyí ń lọ sílẹ̀, ẹ̀rí yín ti délé.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Kí ìbéèrè má ṣe dá lórí "kò" mọ́. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ ìṣe tó ń gbé ìṣòro yìí kalẹ̀ láìsí "kò" nínú, "sú" sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn: "Nínú ọjọ́ mẹ́rìnlá tó kọjá, ọjọ́ mélòó ni àwọn nǹkan tó máa ń dùn mọ́ yín tẹ́lẹ̀ sú yín?" Ti oorun náà: "Ọjọ́ mélòó ni oorun di wàhálà fún yín, bóyá ó pẹ́ kó tó gbé yín lọ, ẹ ń ta jí lóru, tàbí ẹ̀ ń sùn ju bó ṣe yẹ lọ?" Bí ìbéèrè bá ti di "ọjọ́ mélòó", "rárá" kò ní àyè níbẹ̀ mọ́. Iye ọjọ́ ni èèyàn yóò dá lóhùn.

Kí àpótí mẹ́rin náà sì jẹ́ iye ọjọ́: kò sí ọjọ́ kankan tàbí ọjọ́ kan péré, máàkì rẹ̀ jẹ́ 0; ọjọ́ 2 sí 6 jẹ́ máàkì 1; ọjọ́ 7 sí 11 jẹ́ máàkì 2; ọjọ́ 12 sí 14 jẹ́ máàkì 3. Wọ́n ti lo ìpín yìí rí nínú ìwádìí ìlera ńlá kan ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti béèrè mẹ́jọ nínú ìbéèrè wọ̀nyí lórí fóònù. Ó sàn fíìfíì ju "ọjọ́ díẹ̀" àti "ó ju ìdajì àwọn ọjọ́ náà lọ" tí ẹ kọ. "Díẹ̀" lẹ́nu ẹlòmíràn jẹ́ ọjọ́ kan tàbí méjì. "Ìdajì àwọn ọjọ́ náà" sì ń ní kí aláìsàn pín ọ̀sẹ̀ méjì sí méjì lọ́kàn kó tó dáhùn. Kí nọ́ọ̀sì dárúkọ ọjọ́ tí ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀. Bí òní bá jẹ́ Ọjọ́rú, kó sọ pé "láti Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn títí di àná". Àwọn àgbà wa máa ń ka ọjọ́ tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ń pe ohun tí ìwé ń pè ní ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ọjọ́ tí a dárúkọ kì í jẹ́ kí ìyàtọ̀ yẹn dá nǹkan rú.

2. Ìdápadà sí Gẹ̀ẹ́sì kò lè rí irú àṣìṣe yìí, ó sì tún ń gbè sẹ́yìn ìtumọ̀ tí kò dára

Ẹni tó dá fọ́ọ̀mù yín padà sí Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ "Kò wù mí láti ṣe nǹkan kan" lọ́tọ̀. Ó túmọ̀ "Rárá" lọ́tọ̀, nínú àpótí mìíràn. Méjèèjì bá Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ mu. Ìgbà tí wọ́n bá pàdé lójú ẹni tó ń kà á ni ìtumọ̀ ń yí, kò sì sí ẹni tó dá ìpàdé yẹn padà sí Gẹ̀ẹ́sì.

Richard Brislin, tí orúkọ rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọ̀nà ìdápadà yìí, kìlọ̀ nípa rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní 1970. Ó ní ohun mẹ́ta lè mú kí Gẹ̀ẹ́sì méjì jọra láìjẹ́ pé ìtumọ̀ tó wà láàrin wọn dára. Àwọn ògbufọ̀ méjèèjì lè ti ní ọ̀rọ̀ àjọlò kan tí wọ́n jọ ń fi rọ́pò ara wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà kò dọ́gba. Ẹni tó ń dá a padà lè fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ tún ohun tó wọ́ ṣe. Ìtumọ̀ sì lè di ìlànà gírámà èdè àkọ́kọ́ mú débi pé yóò rọrùn láti dá padà, síbẹ̀ tí kò ní yé ẹni tó ń sọ èdè kejì.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà lórí fọ́ọ̀mù yín. Ẹ wo ìbéèrè kejì: "Mo ń ní ìmọ̀lára ìsàlẹ̀, ìrẹ̀wẹ̀sì tàbí àìnírètí." Ta ló ń sọ̀rọ̀ báyìí? Kò sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ tó sọ fún ìyá rẹ̀ rí pé òun ń ní ìmọ̀lára ìsàlẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tó wọ agbádá ni. Nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì sì ni, kíá ló padà sí Gẹ̀ẹ́sì láìyẹ̀, ẹ sì fún un ní máàkì tó pé. Ká ní ògbufọ̀ yín kọ "Ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì, ojú mi kò sì rí ọ̀nà àbáyọ" ni, ìdápadà rẹ̀ ìbá yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́, ẹ ìbá sì ní kó lọ tún un ṣe. Ìlànà tí ẹ lò ń jẹ ẹni tó túmọ̀ dáadáa níyà.

Ẹ tún wo ìkẹrin, "Ó ń rẹ̀ mí." Lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn, ohun tí gbólóhùn yìí ń sọ ni pé ara òun kò yá. Ẹni tí ibà ń ṣe a máa sọ ọ́. Ẹni tó dá a padà fún yín kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí àárẹ̀, torí ó ti mọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìlera ni, ó ti lo PHQ-9 lédè Gẹ̀ẹ́sì rí. Kò ka Yorùbá yín. Ohun tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló kọ.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Àwọn oníwàádìí tó ṣiṣẹ́ ní Aro, l'Abẹ́òkúta, lábẹ́ Alexander Leighton àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, tí wọ́n tẹ iṣẹ́ wọn jáde ní 1963, ti ṣàkíyèsí pé àwọn Yorùbá tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ mọ àwọn àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n wọn kò ní orúkọ kan ṣoṣo tó kó wọn pọ̀ bíi ti àwọn oníṣègùn òyìnbó. "Ìsoríkọ́" tí rédíò àti ìwé ìròyìn ń lò báyìí dára fún ìkéde. Bí ẹ bá gbé e sínú ìbéèrè fún àgbàlagbà tí kì í gbọ́ ìròyìn, ẹni tó sorí kọ́, tó ń ronú, nìkan ló máa rò. Àmì ni kí ẹ béèrè, ẹ fi orúkọ àìsàn sílẹ̀.

3. Nínú ìbéèrè kẹfà, ẹ fi orí rọ́pò ara ẹni

Ohun tí ìbéèrè kẹfà ń wá ni ìdálẹ́bi: pé èèyàn ń wo ara rẹ̀ bí ẹni tí kò wúlò, pé òun fúnra òun ló ba nǹkan jẹ́ fún ara òun àti àwọn ará ilé òun. Ẹ túmọ̀ rẹ̀ sí "Mo ń rí ara mi bí olóríburúkú."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro ohun tí ọ̀rọ̀ yìí ń sọ. Ẹni tó ní orí òun kò dára kò dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Àkúnlẹ̀yàn ló ń tọ́ka sí, pé bí wọ́n ṣe yàn án ló rí. Ẹlòmíràn a tilẹ̀ fi kún un pé ayé ló ń ṣe òun, pé àwọn kan ló ń fa ọwọ́ aago òun sẹ́yìn. Ẹ̀bi ti kúrò lára rẹ̀, ó ti dé ọwọ́ ẹlòmíràn. Oníṣòwò tí ọjà rẹ̀ kò tà fún ọ̀sẹ̀ méjì lè fún yín ní 3 níbí, kó jẹ́ pé ó ń sùn, ó ń jẹun, ó ń ṣe àwàdà, kò sì ka ara rẹ̀ sí ẹni yẹpẹrẹ. Ní òdìkejì, ẹni tí ẹ̀rí ọkàn ń jẹ, tó gbà pé òun ni òun ba ayé àwọn ọmọ òun jẹ́, lè sọ pé orí òun kò burú, ọwọ́ ara òun ni òun fi ṣe é, kí ó sì mú 0.

Ibi tí èrò ti ń yẹ̀ nìyí, tí ọ̀rọ̀ sì dà bí ẹni pé ó dọ́gba. Ìwé atúmọ̀ èdè kò lè gbà yín níbẹ̀. Ohun tí a dábàá ni: "Ọjọ́ mélòó ni ẹ̀ ń wo ara yín bí ẹni tí kò já mọ́ nǹkan kan, tàbí tí ẹ̀ ń dá ara yín lẹ́bi pé ẹ ti já ara yín tàbí àwọn ará ilé yín kulẹ̀?" "Jáni kulẹ̀" ń sọ ẹni tó ṣe é, kò gbé e lé orí. A fẹ́ kí ẹ yẹ tiwa náà wò lọ́wọ́ àwọn aláìsàn, torí a lè ti ṣi ibìkan.

Ìṣòro kékeré kan tún fara pẹ́ èyí. "Ẹ" àti "yín" ni a fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, àwọn náà la sì fi ń pe èèyàn púpọ̀. Bàbá tí wọ́n bi pé "ṣé ẹ̀ ń sùn dáadáa?" lè dáhùn fún gbogbo ilé. Kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ sọ ọ́ ní kedere pé "ẹ̀yin fúnra yín nìkan ni mò ń bi, bàbá". Ẹ má torí ìyẹn yí i sí "ìwọ" o. Àgbà tí ọmọdé bá pè ní "ìwọ" kò ní dáhùn ìbéèrè tó kù.

Ìbéèrè karùn-ún náà, nípa oúnjẹ, ń fẹ́ àtúnṣe ní gbólóhùn kan péré: kí ẹ sọ pé "oúnjẹ wà ńlẹ̀", kí ẹ tó béèrè bóyá jíjẹ rẹ̀ sú wọn. Láìsí ìyẹn, ẹni tí kò rí jẹ àti ẹni tó ń gbààwẹ̀ yóò gba máàkì àìsàn.

4. Ẹ dẹ ìbéèrè kẹsàn-án débi pé kò bèèrè ohun tó yẹ mọ́

Ohun méjì ni ìbéèrè yìí ń wá: èrò pé ikú sàn fún èèyàn ju kó wà láàyè, àti èrò láti ṣe ara ẹni níṣẹ̀ẹ́. Ẹ kọ "Ayé sú mi." A mọ ìdí tí ẹ fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ikú wúwo lẹ́nu, ẹ kò fẹ́ kí aláìsàn gbàgbọ́ pé ẹ̀ ń fi ikú lọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n "ayé sú mi" jẹ́ ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń sọ nígbà tí owó ilé-ìwé ọmọ pé, tí ọkọ kò sì fèsì. Yóò kó ogunlọ́gọ̀ èèyàn tí kò ro ikú rárá wọlé. Ẹni tó ti wá okùn pamọ́ sì lè má sọ ọ́, torí òun kò ka ara rẹ̀ sí ẹni tí ayé sú. Ó rò pé òun ti rí ìsinmi.

Ẹ pín in sí méjì, kí ẹ sì sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́: "Àwọn kan wà tí ọkàn wọn máa ń wúwo débi pé wọ́n á rò ó pé ó sàn kí àwọn kú. Ọjọ́ mélòó ni irú èrò bẹ́ẹ̀ wá sí yín lọ́kàn?" Lẹ́yìn náà: "Ọjọ́ mélòó ni ó wá sí yín lọ́kàn láti ṣe ara yín níjàǹbá?" Èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì ni kí ẹ kọ fún ìkẹsàn-án, kí àpapọ̀ má bàa kọjá 27.

Ìdáhùn tí wọn yóò gbọ́ jùlọ ni "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Kí ẹ kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ pé ìyẹn kì í ṣe 0. Àdúrà ni. Ẹni tí èrò náà ti wá sí lọ́kàn ń sọ ọ́, ẹni tí kò wá sí lọ́kàn náà ń sọ ọ́. Kí wọ́n ní "Àmín", kí wọ́n dákẹ́ díẹ̀, kí wọ́n wá tún béèrè iye ọjọ́. Ìbẹ̀rù òfin náà wà ńbẹ̀: abala 327 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan sí gbígbìyànjú láti pa ara ẹni, aráàlú sì mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, kí ẹlòmíràn má sí nítòsí nígbà tí wọ́n bá ń béèrè, kí nọ́ọ̀sì sì sọ fún un ṣáájú ẹni tí yóò rí ìdáhùn rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní 1 sókè níbí kò gbọ́dọ̀ kúrò nílé ìwòsàn kí ẹni tó mọṣẹ́ tó bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà, bí àpapọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ 1 péré. Fọ́ọ̀mù yín kò sọ ohun tí nọ́ọ̀sì yóò ṣe.

5. Ẹ tẹ fọ́ọ̀mù náà láìsí àmì ohùn

"Oorun" tí ẹ kọ lè jẹ́ oorun tí a ń sùn, oòrùn tó ń ràn, tàbí òórùn tí imú ń gbọ́. "Okun" lè jẹ́ agbára, òkun, tàbí okùn. Ẹni tó mọ Yorùbá kà dáadáa yóò fi ọ̀rọ̀ tó yí i ká mọ̀ ọ́n, a gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kà á sókè fún ẹlòmíràn yóò kọsẹ̀, yóò padà sẹ́yìn, yóò sì máa fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣàlàyé. Ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ogún yóò ti béèrè ogún ìbéèrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ fi àmì sí i, ẹ lo fọ́ǹtì tó mọ àmì wa, kí ẹ sì yẹ ẹyọ kan tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà wò kí ẹ tó tẹ ẹgbẹ̀rún.

6. Ohun tí a ń bèèrè

Kí ẹ dá fọ́ọ̀mù yìí dúró, kí ẹ sì tún iṣẹ́ náà ṣe báyìí.

Kí ògbufọ̀ méjì túmọ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọ̀kan nínú wọn má jẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera. Kí ẹnì kẹta tó gbọ́ èdè méjèèjì bá wọn jókòó láti mú ọ̀kan jáde, kí wọ́n sì kọ ìdí tí wọ́n fi mú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Kí ẹni tí yóò dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹni tí kò rí PHQ-9 rí, kí ẹ sì fún un ní odidi ojú ìwé, àti ìbéèrè àti àpótí, bí aláìsàn yóò ṣe rí i. Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì méjì bá ti yàtọ̀, kí ẹ bi ara yín bóyá èrò ló yàtọ̀ àbí ọ̀rọ̀ lásán. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán, ẹ fi Yorùbá sílẹ̀ bó ṣe wà.

Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ tí ẹ fò pátápátá, tí a sì kà sí pàtàkì jùlọ: ẹ gbé e lọ bá àwọn aláìsàn, ó kéré tán mẹ́wàá ní ìpele kọ̀ọ̀kan, látinú ẹ̀ka èdè tó yàtọ̀ síra. Ẹ mú láti Ọ̀yọ́, Èkìtì, Ìjẹ̀bú àti Oǹdó, tọkùnrin tobìnrin, àgbà àti ọ̀dọ́, ẹni tó mọ̀wé àti ẹni tí kò mọ̀wé. Lẹ́yìn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ẹ bi wọ́n pé: "Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ ara yín tún un sọ." "Kí ló wá sí yín lọ́kàn nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀?" "Báwo lẹ ṣe ka ọjọ́ tí ẹ dárúkọ?" Ìbéèrè kẹta yìí nìkan ìbá ti tú àṣírí "rárá" láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ẹ tún ohun tó bá yẹ̀ ṣe, kí ẹ mú mẹ́wàá mìíràn, títí ìyẹ̀ tuntun kò fi ní jáde mọ́.

Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó sọ̀rọ̀ ààlà 10. Ìwádìí kan láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Nàìjíríà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006, fi hàn pé 10 ṣiṣẹ́ dáadáa fún wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì nìyẹn. Ẹ kò lè gbé e lé ìyá àgbà tí wọ́n ń ka Yorùbá sí létí láìdán an wò. Kí oníṣègùn tí kò mọ máàkì aláìsàn fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, kí ẹ wá fi ìdájọ́ rẹ̀ wé máàkì náà. Ẹ ṣírò iye èèyàn tí ẹ nílò dáadáa: bó bá jẹ́ pé ẹnì kan nínú mẹ́wàá ló ní àìsàn náà, 300 èèyàn yóò fún yín ní aláìsàn 30 péré láti fi díwọ̀n bóyá ààlà yín ń mú wọn.

Ní ti àwọn tó ti kọ fọ́ọ̀mù tí ẹ gbé jáde, ẹ má kàn jù ú sínú àpótí. Ẹ ṣa gbogbo ẹni tó ní 0 nínú ìbéèrè kìíní, tó sì ní 2 sókè nínú ìkejì, pẹ̀lú gbogbo ẹni tó mú ohunkóhun ju 0 lọ nínú ìkẹsàn-án. Ẹ rán àwọn òṣìṣẹ́ padà sí wọn láàrin ọ̀sẹ̀ yìí, kí wọ́n tún ìbéèrè méjèèjì bi wọ́n lẹ́nu, pẹ̀lú "ọjọ́ mélòó". A ti ṣetán láti bá yín ṣe àyẹ̀wò fọ́ọ̀mù wọ̀nyẹn láìgba owó, ọjọ́ tí ẹ bá pè wá la ó bẹ̀rẹ̀.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,
Àwọn ògbufọ̀, nọ́ọ̀sì àti oníṣègùn ọpọlọ tó fọwọ́ sí lẹ́tà yìí